Lẹ́tà Tí A Ń Dà Nù

Nínú iṣẹ́ àwa tí ń kọ́ni ní ìṣirò, ó pẹ́ tí a ti sọ λ di ẹni tí a rán níṣẹ́, tó jíṣẹ́ tán, tí kò sì sẹ́ni tó bi í ní ohun tó rí lọ́nà. A ní fọ́ńṣọ̀n f tó dúró lórí nǹkan mẹ́ta, x, y àti z. A ní ìdè kan, g, tí kò jẹ́ kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe bó ṣe wù wọ́n. A sì fẹ́ mọ ibi tí f ti ga jù tàbí tó ti kéré jù láìjá ìdè náà. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ó wo bí f ṣe ń yí bí a bá sún x nìkan díẹ̀, a ó wo bí g náà ṣe ń yí, a ó sì ní kí ti f jẹ́ λ ní ọ̀nà ti g. A ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún y àti z. Ìdọ́gba mẹ́ta nìyẹn. Ìdè fúnra rẹ̀ ni ẹ̀kẹrin. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti rí x, y àti z, iṣẹ́ parí, λ sì di èèpo. Èrò tèmi ni pé inú èèpo yẹn gan-an ni ọ̀nà yìí ti hù jáde, àti pé ẹni tó dà á nù ti da apá kan ìdáhùn nù.

Ẹ wo ibi tó ti wá. Euler ti lo irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1744, nígbà tó ń wá ìlà wíwọ́ tó dára jù láàárín àwọn tó ní gígùn kan náà. Ṣùgbọ́n Lagrange, ọmọ Túrínì, ló sọ ọ́ di ọ̀nà tí gbogbo ayé ń tọ̀. Ìwé tó tẹ̀ jáde ní Páríìsì ní 1788 kì í ṣe ìwé nípa iye tó ga jù rárá. Ìwé nípa agbára àti ìṣípòpadà ni. Nínú ìwé yìí, nọ́ńbà tí a fi ń sọ ìdè di púpọ̀ ń tọ́ka sí agbára tí ìdè náà fi ń di nǹkan mú. Kí a so òkúta kan rọ̀ sórí okùn mítà 2, kí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ níútọ́ọ̀nù 40. Òkúta máa ń wá ìsàlẹ̀, nítorí náà f = 40z ni a fẹ́ kó kéré jù; okùn ni ìdè, x² + y² + z² = 4. Ìdọ́gba mẹ́ta náà ni 0 = 2λx, 0 = 2λy àti 40 = 2λz. Ìkẹta kò jẹ́ kí λ jẹ́ òdo, nítorí náà x àti y gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo, z á sì jẹ́ −2 tàbí 2. Ní ìsàlẹ̀, λ = −10. Bí a bá sún z níbẹ̀, −4 ni ìdè fi ń yí, −10 lọ́nà −4 sì jẹ́ 40: iye agbára tí okùn fi ń fa òkúta sókè gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ní òkè, λ di 10, àmì rẹ̀ ti yí padà, ohun tó sì ń wí ni pé ìdè gbọ́dọ̀ máa ti òkúta dípò kó máa fà á. Ọ̀pá irin lè tì í. Okùn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wo z nìkan kò ní rí ìyàtọ̀ yìí. Ìwé Lagrange ti 1797 ló wá gbé ọ̀nà yìí kúrò lára agbára, tó sọ ọ́ di ti fọ́ńṣọ̀n gbogbo, ibẹ̀ ni mo sì rò pé a ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé orírun rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní ti òkúta ti yé òun, ṣùgbọ́n níbi tí kò sí agbára kankan, kí ni λ ń ṣe? Ẹ jẹ́ ká fi páànù tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 12 ṣe àpótí omi tí kò ní ìdérí, kí omi tó máa gbà pọ̀ jù. Gígùn ni x, fífẹ̀ ni y, gíga ni z. Omi jẹ́ xyz; páànù jẹ́ xy + 2xz + 2yz = 12. Ìdọ́gba mẹ́ta tó jáde nìyí: yz = λ(y + 2z), xz = λ(x + 2z), xy = λ(2x + 2y). Má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lé lẹ́tà kiri. Sọ èkíní di púpọ̀ pẹ̀lú x, èkejì pẹ̀lú y, ẹ̀kẹta pẹ̀lú z, apá òsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á di xyz, apá ọ̀tún náà á sì bá ara wọn dọ́gba. Nítorí pé λ kò lè jẹ́ òdo nígbà tí àpótí bá ní inú, a lè yọ ọ́ kúrò: èkíní àti èkejì fún wa ní x = y, èkejì àti ẹ̀kẹta fún wa ní y = 2xz/x, ìyẹn 2z. Ìdè wá di 12z² = 12. Gíga jẹ́ mítà 1, gígùn àti fífẹ̀ jẹ́ mítà 2 lọ́kọ̀ọ̀kan, omi sì jẹ́ mítà kúbíìkì 4. Bí a bá fi àwọn wọ̀nyí sínú ìdọ́gba èkíní, 2 = 4λ; λ jẹ́ ìdajì. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń pa ìwé dé. Ṣùgbọ́n ìdajì yìí ń sọ iye omi tí a ó rí sí i lórí páànù tí a bá fi kún un. Fi 0.12 kún páànù: λ ní omi á lé ní 0.06. Bí a bá tún gbogbo ìṣirò náà ṣe pẹ̀lú 12.12, omi á jẹ́ 4.0601, ó kù díẹ̀ kó má yàtọ̀ rárá. Síbẹ̀, iye ojú ẹsẹ̀ ni λ. Bí páànù bá di 48, λ á sọ pé omi á jẹ́ 22, bẹ́ẹ̀ 32 ni yóò jẹ́.

Onímọ̀ ìṣirò Kantorovich rí irú nọ́ńbà yìí ní Lẹníngíráàdì ní ìparí àwọn ọdún 1930, nígbà tó ń bá àwọn tó ń ṣe pákó pílááwúùdù pín iṣẹ́ láàárín ẹ̀rọ wọn. Ìdè tirẹ̀ pọ̀ ju ẹyọ kan lọ, kò sì rí bíi tiwa, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà tí ń bá ìdè rìn ló kà sí iye tí nǹkan kọ̀ọ̀kan níye lórí fún iṣẹ́ náà. Ohun tí Lagrange rí bí agbára ló rí bí iye owó.

Àtakò kan wà tó lágbára: kí ló dé tí a kò kàn fi ìdè lé z jáde? Òótọ́ ni, z = (12 − xy)/(2(x + y)), bí a bá sì fi sípò rẹ̀, lẹ́tà méjì ló kù, ìdáhùn kan náà la ó sì rí. Fún àpótí yìí, n kò bá ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ jà. Àmọ́ ìdá tó díjú ni yóò máa bá wọ̀yá ìjà, ọ̀pọ̀ ìdè sì wà tí kò sí lẹ́tà tí a lè yọ jáde lára wọn. Lékè rẹ̀, bó bá rí 2, 2 àti 1 tán, kò ní mọ̀ pé páànù tó kàn níye lórí tó ìdajì.

Àtakò kejì ni pé ọ̀nà yìí máa ń tan ènìyàn jẹ. Èyí rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó lè jẹ́ òkè tàbí ìsàlẹ̀ ló ń fi hàn, kì í bura pé bẹ́ẹ̀ ni. Fún àpótí wa, ẹ̀rí ṣì kù: ìdè kò jẹ́ kí xy ju 12 lọ, kò sì jẹ́ kí xz ju 6 lọ, nítorí náà omi kò lè ju 72/x lọ. Bí gígùn bá ti ń lọ sí ọ̀nà jíjìn, omi á máa tán, bẹ́ẹ̀ náà ni fífẹ̀ àti gíga. Òkè kan gbọ́dọ̀ wà láàárín, ẹyọ kan ṣoṣo la sì rí. Ohun tó burú jù ni kí ìsàlẹ̀ wà kí ọ̀nà náà má rí i. Wá ibi tí x ti kéré jù lórí x³ − y² − z² = 0. Ojú lásán mọ̀ pé x kò lè dín ní òdo, nítorí pé x³ jẹ́ àròpọ̀ y² àti z². Òdo ni ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ní ibẹ̀, bí a ṣe sún èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òdo ni ìdè fi ń yí, ìdọ́gba èkíní sì di 1 = λ × 0. Kò sí λ tó lè ṣe é.

Àwọn ìwé máa ń kọ èyí sílẹ̀ bí ìkìlọ̀ gbẹrẹfu pé gbogbo ìyípadà ìdè kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá di λ mú gẹ́gẹ́ bí iye owó mọ ìdí rẹ̀. Fi 0.001 sí ipò òdo tó wà lápá ọ̀tún ìdè: x tó kéré jù á fò lọ sí 0.1, ìlọ́po 100 ohun tí a fi kún un. Fi 0.000001: x di 0.01, ìlọ́po 10,000. Bí ohun tí a fi kún un ti ń kéré ni owó rẹ̀ ń gùn sókè láìdúró, kò sì sí nọ́ńbà kankan tí λ lè jẹ́ tó lè gbé irú owó bẹ́ẹ̀.