Ìyá Ní Kí N Kí Yín

Lẹ́tà mẹ́tàlélógún ló wà nínú agolo bisikíìtì tó wà lábẹ́ ibùsùn mi ní Ìsẹ́yìn. Mọ́kànlá jẹ́ ti Bùọ̀dá mi, tí wọ́n kọ láti Lọ́ńdọ̀nù láàrin 1987 sí 1989. Méjìlá yòókù jẹ́ tèmi. Bùọ̀dá fúnra wọn ló kó wọn padà fún mi nígbà tí wọ́n wálé. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ti fẹ́ sọ wọ́n di ìtàn. Ọjọ́ tí mo tò wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra ni mo tó rí i pé wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dá ara wọn lóhùn. Lẹ́tà ń lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú ọ̀nà nígbà náà. Ìbéèrè tí Bùọ̀dá bá bi mí á ti tutù kó tó dé ọwọ́ mi, èsì tí mo bá sì fún wọn á bá wọn lẹ́nu ọ̀rọ̀ mìíràn.

I. B. Thomas ti fi lẹ́tà kọ ìtàn fún wa rí. Ní 1929 ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, obìnrin kan tó ń ròyìn ayé ara rẹ̀ fún olóòtú, tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń kà á gbà pé ènìyàn gidi ni. Ohùn ẹnì kan ló gbé ìyẹn dúró. Tiwa, àwa méjì là ń kọ ọ́, ẹnì kẹta tí kò mọ̀wé sì wà láàrin wa. Ìyá wa ni.

Bùọ̀dá kọ̀wé ní 10/1/1988:

"Àbúrò mi ọ̀wọ́n, mo kí ọ, mo kí Ìyá. Ara mi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Owó tí mo fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé, fi ra ogún àpò sìmẹ́ńtì. Má ra búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ti mọ sílẹ̀ lẹ́bàá títì o. Orí ilẹ̀ wa gan-an ni kí wọ́n ti mọ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ onínṣì mẹ́sàn-án, àpò kan kò gbọdọ̀ mú ju ọgbọ̀n jáde. Mo fẹ́ kí Ìyá sùn nínú ilé tí kò jò kí ọdún yìí tó parí. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mo ń ṣe níbí, kò le rárá. Òtútù náà kò tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀."

Èmi náà kọ tèmi ní 21/2/1988:

"Bùọ̀dá mi ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àjò. Wọ́n ti mọ búlọ́ọ̀kù náà. Ẹgbẹ̀ta ló pé géérégé, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Inú mi ń dùn, àfi bí Ìyá ṣe jáde sí i ní ọjọ́ kẹta. Wọ́n fi èékánná họ etí ọ̀kan, ó ń dà sílẹ̀ bíi gààrí. Wọ́n gbé òmíràn dé àyà, wọ́n jù ú sílẹ̀, ó fọ́ yángá. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n ní kí n lọ ka àpò òfìfo. Mẹ́rìnlá ni mo bá, Bùọ̀dá! Àpò mẹ́fà ti bá òru lọ, yanrìn ni ọkùnrin tó mọ búlọ́ọ̀kù fi dípò rẹ̀. Ìyá ní kí n kí yín. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ bí àwọn ṣe sọ ọ́: 'Ṣé o ń jẹun? Ẹni tó ń kọ́lé fún ìyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ febi pa ara rẹ̀.'"

Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e láti Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 8/3/1988 lórí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kí n bá àwọn kí ẹni tó mọ búlọ́ọ̀kù, kí n sì fi ogún náírà kún owó rẹ̀, nítorí olóòótọ́ ènìyàn ṣọ̀wọ́n. Ó dé ọwọ́ mi lẹ́yìn tí ọkùnrin náà ti sá kúrò nílùú. Inú bí mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń sọ pé Bùọ̀dá kì í ka lẹ́tà mi, kí n tó wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ dáadáa. Lẹ́tà méjèèjì ti kọjá ara wọn lójú ọ̀nà.

Kò sí lẹ́tà kankan fún oṣù karùn-ún. Oṣù náà ni Ìyá ṣàìsàn ọjọ́ mẹ́rin, tí wọ́n sì kú. Àwọn àgbà ilé pè mí wọ yàrá, wọ́n ní Bùọ̀dá fẹ́ ṣe ìdánwò ní oṣù kẹfà, a kì í sì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ tó dá wà lájò. Ó di ìgbà tí ó bá ṣe tán. N kò rò pé ìwà ìkà ni wọ́n hù. Bí ilé wa ṣe ń ṣe é láti ẹ̀yìn wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi ni kálàmù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2/6/1988 mo kọ ojú ewé méjì lórí ìpìlẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, mo wá fi kún un nísàlẹ̀ pé: "Ara Ìyá le. Wọ́n ní kí n kí yín."

Èsì Bùọ̀dá nìyí, 27/6/1988:

"Àbúrò mi, lẹ́tà rẹ dé, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. O ní Ìyá kí mi, ṣùgbọ́n wọn kò bèèrè bóyá mo ń jẹun. O gbẹ́ ìpìlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù yẹn, Ìyá kò sì rí nǹkan kan sọ sí i? Ọjọ́ wo ni, àbúrò mi? Bí ó bá jẹ́ nítorí ìdánwò ni ẹ ṣe dá mi sí, kò sí ìdánwò. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ilẹ̀ ọ́fíìsì ni mo ń nù, láti aago mẹ́wàá alẹ́ di aago márùn-ún ìdájí, kí owó sìmẹ́ńtì lè pé. Ìwé ìgbélùú mi ti kú ní oṣù kẹta. Bí mo bá jáde, wọn kò ní í jẹ́ kí n padà wọlé. Bá mi wúre níbi tí ẹ sin wọ́n sí."

Ọ̀rẹ́ mi kan tí mo fi àwọn lẹ́tà wọ̀nyí hàn ní kí n ṣàlàyé ikú Ìyá síbẹ̀, kí oṣù karùn-ún má ṣe ṣófo. Mo kọ̀. Bó ṣe ṣófo fún Bùọ̀dá nìyẹn, ibi tó ṣófo náà ni wọ́n sì ti rí òtítọ́. Ohun tó ń dùn mí ni gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn: 'Wọ́n ní kí n kí yín.' Ìyá mi kò kọ ọ̀rọ̀ kankan rí láyé wọn, ẹnu wọn nìkan ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, mo sì fi ẹnu náà purọ́ fún ọmọ wọn.

Ilé náà parí ní 1992. Búlọ́ọ̀kù ẹgbẹ̀ta àkọ́kọ́ kò sí nínú rẹ̀. Bùọ̀dá kò sùn nínú yàrá tí a kọ́ fún Ìyá rí. Èmi ni mò ń sùn níbẹ̀.