Ìwé Ìnáwó Màmá àti Ojú-ìwé Báńkì

Nígbà tí màmá wa ń tajà n'Íbàdàn, àwa ọmọ la máa ń bá wọn kọ ìnáwó ilé sínú ìwé ní alaalẹ́. Ohun tí wọ́n rà là ń kọ: gààrí, epo pupa, owó mọ́tò. Ta ló béèrè orúkọ ẹni tó tà á? Káàdì alájọ wà nínú ìwé náà. Bí oṣù bá parí, alájọ á mú owó ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tí kò mọ̀.

Láìpẹ́ yìí, àbúrò mi obìnrin ya fọ́tò ojú-ìwé kan nínú àkọsílẹ̀ báńkì òun àti ọkọ rẹ̀, ó fi bébà bo nọ́ńbà àkáǹtì (ó gbọ́n), ó sì fi ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wò ó, owó yìí kì í dúró." Ìnáwó ọ̀sẹ̀ méjì ni, àmọ́ orúkọ èèyàn ló kún ibẹ̀. Ata ni wọ́n rà lọ́wọ́ ẹni yìí ni, àbí aṣọ? Orí fóònù ni mo ti bi í ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Fọ́tò náà ṣú níbi tí bébà ti ká. Iye kan dà bí ₦13,500. Ṣùgbọ́n owó tó kù ṣáájú rẹ̀ jẹ́ ₦84,300, lẹ́yìn rẹ̀ ó di ₦65,800. A jẹ́ pé ₦18,500 ló jáde, owó epo jẹnẹrétọ̀. Bí mo ṣe yẹ gbogbo ìlà wò nìyẹn kí n tó pín wọn.

Mo yọ ₦20,000 tí wọ́n fi pamọ́ sí àkáǹtì wọn kejì kúrò, àti ₦5,000 tí kò lọ tó sì padà wọlé. Èyí tí wọ́n ná gan-an jẹ́ ₦128,000: oúnjẹ ₦46,000, ọkọ̀ ₦12,700, epo ₦18,500, dátà ₦10,000. Ìyókù, ₦40,800, ọwọ́ onípíóèèsì ni wọ́n ti gbà á, ₦5,100 nígbà mẹ́jọ. ₦100 inú ọ̀kọ̀ọ̀kan lówó iṣẹ́ onípíóèèsì. Ẹ̀rọ ìgbowó báńkì tiwọn kì í gba kọ́bọ̀, bó bá lówó nínú. ₦800 ì bá kù sílé. Dátà náà, ₦500 ₦500 ni wọ́n ń rà á. Ti olóṣooṣù lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún iye owó kan náà.

Kékeré nìyẹn ṣá. Èyí tó dùn mí ni ₦40,000 tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ó ju owó epo àti dátà lápapọ̀ lọ, báńkì kò sì lè sọ ohun tó di. Ìwé màmá ì bá sọ ọ́.

Mo ní kó má tíì fọwọ́ kan owó oúnjẹ. Kí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ máa kọ ohun tí wọ́n bá fi owó ọwọ́ rà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n tó yan ohun tí wọ́n máa dín kù.