Tó o bá ti ná an, ọ́fà àkọ́kọ́ ti kú

Tíréèdì yìí gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Àbúrò mi tó ń gbé ní Apẹ̀tẹ̀ ní ìdánwò òfin òwò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó fi síláìdì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta, kò yé mi. Kí ló kan ọ́fà àti àsẹ́pítáǹsì pẹ̀lú oko tí òyìnbó kan fẹ́ rà ní 1840?” Mo ní kó fi oko yẹn sílẹ̀ ná, ká lọ sọ́jà.

Ọ́fà ni kí èèyàn fi nǹkan lọ̀ ẹ́, kó sọ iye tó fẹ́ gbà, kó sì jẹ́ pé bó o bá ṣe sọ pé “mo gbà” báyìí, ọ̀rọ̀ ti parí. Àsẹ́pítáǹsì ni “mo gbà” yẹn, láì yọ nǹkan kan kúrò, láì fi nǹkan kan kún un. Bí méjèèjì bá pàdé, tí owó wà ńbẹ̀, tí ẹ ò sì fi ṣeré, àdéhùn ti dé nìyẹn.

Tòmátì tí wọ́n tò sórí tábìlì kì í ṣe ọ́fà o. Ìyá tó ni ín kàn ń pè ẹ́ pé kó o wá ná an ni. Ẹ jẹ́ ká sọ pé o bèèrè, ìyá sì dáhùn: “₦3,000, ẹ mú un.” Ọ́fà nìyẹn. Ìwọ wá ní: “Ẹ gbà ₦2,000.”

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Lọ́kàn tiwa, ₦3,000 yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó ń dúró dè wá. Bí ₦2,000 ò bá ṣeé ṣe, a ó padà síbẹ̀. Lójú òfin, ó ti kú. Nígbà tó o pe ₦2,000, o ti kọ ₦3,000, o sì ti fi ọ́fà tìẹ lọ ìyá. Èyí ni síláìdì pè ní káńtà-ọ́fà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ìyá ní: “Kò gbà.” Ọ́fà tìẹ náà kú. O yíjú, ò ń lọ. O ò tíì rìn jìnnà tó fi pariwo: “Ẹ wá mú un!” Ó jọ pé ó ti gba ọ́fà ẹ, àmọ́ ó ti kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Nítorí náà, ọ́fà tuntun ni, tìyá ni, ní ₦2,000. O lè padà, o sì lè máa bá tìẹ lọ. Ó lè bú ẹ pé o nájà o ò rà, ṣùgbọ́n kò lè pè ẹ́ lẹ́jọ́. Ká ní bó o ṣe pe ₦2,000 ló ti dáhùn pé “Ó dáa, mo gbà” ni, àdéhùn ti dé. Tó o bá sá lọ, ìwọ lo ba àdéhùn jẹ́.

Ó yá, ká padà sí oko òyìnbó. Orúkọ tó wà lórí síláìdì ni Hyde v Wrench. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1840, Wrench ní òun á ta oko òun fún Hyde ní £1,000. Ọjọ́ 8, Hyde ní £950 lòun máa san. Ọjọ́ 27, Wrench ní rárá. Ọjọ́ 29, Hyde sáré padà: “Ó dáa, mo gba £1,000 yẹn.” Wrench ò gbà, Hyde sì gbé e lọ sílé ẹjọ́. Adájọ́ ní kò sí àdéhùn kankan. £950 ti pa £1,000, Hyde ò sì lè fúnra ẹ̀ jí i dìde. Ọ̀rọ̀ tòmátì náà ni, oko ló kàn gbowó lórí jù ú lọ.

Ẹ wò ó báyìí. Àpẹẹrẹ lásán ni, àmọ́ ojoojúmọ́ là ń ṣe é nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ kó kúrò ní Apẹ̀tẹ̀. Bísí fẹ́ ta fíríìjì kékeré ẹ̀.

Aago 9 àárọ̀, ó kọ sí Káyọ̀dé: “₦90,000 ni mo máa tà á fún ẹ. Tó o bá gbà, sọ fún mi lónìí.”
Aago 10, Káyọ̀dé: “₦80,000 ni mo máa san.”
Aago 10 kọjá díẹ̀, Bísí: “Rárá.”
Aago 11, Láídé gbé ₦95,000 wá, Bísí gbé fíríìjì fún un.
Aago 12, Káyọ̀dé: “Ó dáa, mo gbà, ₦90,000. Kẹ̀kẹ́ tó máa gbé e ti ń bọ̀.”

Káyọ̀dé máa ní Bísí yan òun jẹ, torí ó ní “lónìí”, ọjọ́ ò sì tíì lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi ara yín nínú ìdánwò nìyí: ọ́fà wo ló wà láàyè ní aago 12? Kò sí. ₦90,000 kú ní aago 10. Ọ̀rọ̀ Káyọ̀dé ní aago 12 wulẹ̀ jẹ́ ọ́fà tuntun, Bísí sì láǹfààní láti má dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká wá yí ìlà kan ṣoṣo padà. Ní aago 10, Káyọ̀dé kọ pé: “Ṣé o lè gbà kí n san ₦60,000 lónìí, kí n san ìyókù lópin oṣù?” Bísí ò fèsì. Ó ta á fún Láídé, kò sì sọ fún Káyọ̀dé. Ní aago 12, Káyọ̀dé ní: “Mo gbà, ₦90,000, gbogbo ẹ̀ lónìí.”

Àdéhùn dé! Káyọ̀dé ò kọ ₦90,000, ó kàn bèèrè bí owó ṣe lè wọlé ni. Ẹjọ́ tó bá èyí mu ni Stevenson v McLean, ní 1880. Irin ni wọ́n ń tà níbẹ̀, 40 ṣílè fún tọ́ọ̀nù kan, owó lọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ rà á bèèrè bóyá wọ́n lè kó o wá díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù méjì. Olùtà ò dáhùn, ó tà á fẹ́lòmíì. Ẹni àkọ́kọ́ ti ránṣẹ́ pé òun gbà kí ìròyìn títà náà tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní ìbéèrè ò pa ọ́fà. Èèyàn lè yí ọ́fà ẹ̀ padà kí wọ́n tó gbà á, àmọ́ ìròyìn ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fi lọ̀.

Kí ni Káyọ̀dé máa wá rí gbà? Fíríìjì ti lọ. Tó bá lọ ra irú ẹ̀ gan-an ní ₦100,000, ₦10,000 tó fi lé e ló lè bèèrè lọ́wọ́ Bísí.

Ìlà tó wà láàárín ìbéèrè àti káńtà-ọ́fà tín-ín-rín o. “₦80,000 ni mo máa san” ti ju ₦90,000 nù. “Ṣé mo lè san án díẹ̀díẹ̀” ṣì dì í mú. Àmọ́ “Ṣé ₦80,000 ò lè ṣe é?” lè lọ síbi méjèèjì, torí gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ sọ ni adájọ́ máa wò, kì í ṣe àmì ìbéèrè nìkan. Tó o bá fẹ́ bèèrè láì pa á, kọ ọ́ síbẹ̀: “Mi ò tíì kọ ₦90,000 o, mo kàn ń bèèrè ni.”

Ó kù síbì kan, ẹ dáhùn nísàlẹ̀. Ká ní ní ìtàn àkọ́kọ́, dípò “Rárá”, Bísí kọ pé: “₦80,000 kéré, ₦90,000 yẹn náà ni.” Ní aago 12, Káyọ̀dé ní òun gbà. Ṣé àdéhùn wà?