Ìṣẹ́jú Márùn-ún Tí Ó So Yìgì

Ní ọ̀pọ̀ ibi tí mo ti bá wọn jókòó síbi ìsoyìgì nílẹ̀ Yorùbá, wáàsí lè gba wákàtí kan gbáko, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó so ọkọ àti aya pọ̀ kì í gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Bí àwọn kan ti ń ya fọ́tò, tí àwọn mìíràn ń wá ìjókòó, ọ̀rọ̀ náà á ti kọjá. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwé ìròyìn, mo gbọ́ ẹjọ́ ìgbéyàwó ní kóòtù ìbílẹ̀, mo sì rí i pé inú ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni ìjà ọjọ́ iwájú ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ìlànà Imáàmù Máálíkì ni ọ̀pọ̀ àáfà ilẹ̀ wa ń tẹ̀lé. Ohun mẹ́ta ni ìwé Rìsálà, tí wọ́n ń kọ́ ní ilé-kéwú, fi dá yìgì dúró: wálíyì, sọ̀dáàkì, àti ẹlẹ́rìí méjì tí ó jẹ́ olódodo. Kútúbà kò sí lára wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìdílé kan tí mo mọ̀ ṣàlàyé. Bàbá ọmọbìnrin náà ti kú. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni ó tọ́ ọ dàgbà, òun ni ó sanwó ilé-ìwé rẹ̀, ó sì gbà pé òun ni wálíyì. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìdílé bàbá ni ipò wálíyì wà. Nígbà tí bàbá kò sí mọ́, ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà lọ́kùnrin, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, ni ó kàn. Àáfà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ìjà. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n fi àbúrò ìyá wọn ṣe wákílù, ìyẹn aṣojú, níṣojú gbogbo ènìyàn. Bí ẹni tí ó tọ́mọ ṣe rí ọlá rẹ̀ gbà nìyẹn, tí ẹ̀tọ́ kò sì kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Wọ́n ti kọ́kọ́ bi ọmọbìnrin náà bí ó bá fẹ́, nítorí iṣẹ́ wálíyì ni láti fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, kì í ṣe láti fẹ́ ọkọ fún ẹni tí kò fẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni sọ̀dáàkì kàn. Owó orí ìdílé ni ó ń gbà á; sọ̀dáàkì, ìyàwó fúnra rẹ̀ ni ó ni ín, bí Súúrà Níṣáì ti là á sílẹ̀. Ìlànà Máálíkì kò gbà kí ó kéré sí ìdá mẹ́rin dínárì, èyí tí ó tó nǹkan bíi gíráàmù wúrà kan. 300,000 náírà ni wọ́n fẹnu kò sí. Ọkọ san 100,000 lójú ẹsẹ̀, ó sì dá ọdún méjì fún 200,000 tí ó kù. Dídá àkókò yẹn ṣe pàtàkì, nítorí “bí Ọlọ́run bá ṣe é” kì í ṣe ọjọ́ tí a lè kà.

Ká ní wọ́n kọ ara wọn kí wọ́n tó di tọkọtaya nínú ilé, ìdajì, ìyẹn 150,000, ni ẹ̀tọ́ ìyàwó. Ọkọ yóò fi 50,000 kún èyí tí ó ti san. Bí ọkọ bá sì kú láìsan ìyókù, gbèsè ni 200,000 náà. A ó yọ ọ́ kúrò nínú ohun ìní rẹ̀ kí a tó pín ogún, ìyàwó yóò sì tún gba ìpín tirẹ̀ nínú ogún.

Ibí yìí ni ẹlẹ́rìí ti wúlò. Aṣojú wálíyì ní, “Mo fi ọmọ wa fún ọ ní aya pẹ̀lú sọ̀dáàkì 300,000 náírà.” Ọkọ ní, “Mo gbà á.” Ọkùnrin mùsùlùmí méjì tí wọ́n ti bàlágà, tí a mọ̀ sí olóòótọ́, ni ó gbọ́dọ̀ fi etí ara wọn gbọ́ ọ, a kò sì gbọdọ̀ ka wálíyì mọ́ wọn. Ẹni tí a pè wá fọwọ́ síwèé lẹ́yìn tí ó ti ń jẹun níta kò jẹ́rìí ohunkóhun. Ìlànà Máálíkì fàyè gbà á kí ìjẹ́rìí pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ọkọ kò gbọdọ̀ súnmọ́ ìyàwó títí tí yóò fi wáyé.

Kútúbà ńkọ́? Súnnà ni. Ọpẹ́ fún Ọlọ́run ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a ó sì ka ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù Ọlọ́run láti inú Súúrà Ali-Ímúrọ̀nà, Níṣáì àti Ahásáàbù. Ó dára púpọ̀, ó sì ń rán tọkọtaya létí Ẹni tí wọ́n ń ṣàdéhùn níwájú rẹ̀. Síbẹ̀, bí a kò bá kà á, yìgì dúró. Bí kò bá sí wálíyì, kútúbà wákàtí méjì kò lè so ó.

Nítorí náà, kí ìwé yìgì má ṣe mọ sí orúkọ àti déètì. Kí ó sọ ẹni tí ó jẹ́ wálíyì àti bí ó bá yan wákílù, iye sọ̀dáàkì, èyí tí a san, èyí tí ó kù àti ọjọ́ rẹ̀, àti àwọn ẹlẹ́rìí méjì. Kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ ìyàwó, kì í ṣe nínú àpótí ọkọ nìkan.