Síìfí Ọmọ Yìí Fẹ́ẹ́ Sọ Ọ́ Di Òpùrọ́

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni ọmọbìnrin kan sáré wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n kan tó ń tẹ̀wé ní Gbàgádà. Ó ní kí wọ́n bá òun tẹ síìfí òun jáde lọ́nà mẹ́ta, torí láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá òun lẹ́nu wò ní Ìkẹjà.

Ẹ̀gbọ́n ò tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Kó sátífíkéètì ẹ jáde ná." Ó mú bébà kan, ó kọ gbogbo ọdún tó wà nínú síìfí náà sílẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ó wá ń fi sátífíkéètì yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Wò ó, o kọ yunifásítì sí 2018 sí 2022. Sátífíkéètì ẹ ní 2023. Àgùnbánirọ̀ ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 2024. Kí lo wá ń ṣe láti 2022?"

"Ẹ̀gbọ́n, ọdún mẹ́rin ni kọ́ọ̀sì mi, mo ṣírò ẹ̀ ni."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ó gbàgbé pé ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kẹta sí oṣù kejìlá 2020, wọ́n tún daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì sí oṣù kẹwàá 2022. Ẹni tó ń gbani síṣẹ́ ò ní ro ti ìdaṣẹ́sílẹ̀ o, irọ́ ló máa pè é. Wọ́n yí i sí 2018 sí 2023. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù oògùn tó kọ "2020" lásán sí, wọ́n fi oṣù sí i, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àsìkò ìdaṣẹ́sílẹ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má baà béèrè bó ṣe ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó tó tún ń lọ síléèwé.

Ó wá kan àwọn nǹkan kéékèèké. Ìlà márùn-ún ló fi ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀: méjì ní àmì ìdúró nídìí, ọ̀kan ní kọ́mà, méjì ò ní nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n ní tó bá jẹ́ odidi gbólóhùn ni wọ́n, kí gbogbo wọn ní àmì ìdúró. Tí wọn ò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó má sí fún ìkankan. Wọ́n yọ gbogbo ẹ̀ kúrò.

Àwọn ọdún tó wà lápá ọ̀tún náà rí wọ́gọwọ̀gọ. Ẹ̀gbọ́n tẹ Ctrl+Shift+8, ni àwọn àmì tóótòòtó bá yọ: àlàfo lọmọ yìí ti ń tẹ̀ léraléra láti fi tì wọ́n lọ. Ó pa wọ́n rẹ́, ó fi Tab ẹyọ kan rọ́pò wọn níbi kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ fáìlì náà di PDF, kó má baà tú ká lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì.

Ni ọmọ náà bá dákẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti fi ti tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn o."

"Mú tuntun dání lọ. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ọdún kan ṣì ọ́ kọ, kó o sì fi sátífíkéètì hàn wọ́n. Má dúró kí wọ́n bi ẹ́."