Ejò Inú Àgbàlá àti Àwòrán Tí A Fi Ń Dá A Mọ̀



Láti ìparí oṣù kẹjọ wọ inú oṣù kẹsàn-án, ní Mérílàńdì níhìn-ín, àwòrán ejò kì í wọ́n lórí Wọ́tísáàpù ẹgbẹ́ wa. Àsìkò yìí ni ejò kọ́pàhẹ́ẹ̀dì ń bímọ. Àsìkò yìí kan náà ni ẹyin ejò dúdú tí ń jẹ eku ń pa. Ọmọ àwọn méjèèjì kéré, ara wọn ní àbàwọ́n, abẹ́ ewé gbígbẹ àti ìdí igi ìdáná ni wọ́n sì ń sá pamọ́ sí. Ọ̀kan ní oró, èkejì kò ní. Bí àwòrán bá ti dé, ẹni tí yóò kọ́kọ́ fèsì yóò ní, “Paramọ́lẹ̀ ni, ẹ tètè pa á!” A mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, ṣùgbọ́n paramọ́lẹ̀ ilé kò sí níhìn-ín. Ejò olóró méjì péré ni ìpínlẹ̀ yìí ní: kọ́pàhẹ́ẹ̀dì, èyí tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí olórí-bàbà, àti ejò oníṣaworo, tí ó jẹ́ ti àwọn òkè apá ìwọ̀-oòrùn. Nítorí náà, ní àgbàlá ọ̀pọ̀ nínú wa, ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwòrán ní láti dáhùn: ṣé kọ́pàhẹ́ẹ̀dì ni, àbí òun kọ́?

Ìlù gángan ni a fi ń dáhùn rẹ̀. Bí a bá wo kọ́pàhẹ́ẹ̀dì láti òkè, àwọn àbàwọ́n rẹ̀ dà bí gángan tí a fi dábùú ẹ̀yìn rẹ̀: ìbàdí ìlù, níbi tí ó ti tín-ín-rín, wà lórí eegun ẹ̀yìn, ojú ìlù méjèèjì sì fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì. Ti ejò ajẹku kò rí bẹ́ẹ̀. Orí eegun ẹ̀yìn gan-an ni àbàwọ́n tirẹ̀ ti fẹ̀ jù, bí gàárì lẹ́yìn ẹṣin. Ọmọ kọ́pàhẹ́ẹ̀dì tún ní àmì kan: ṣóńṣó ìrù rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí yẹ́lò.

Ní ọdún tó kọjá, arábìnrin wa kan fi àwòrán irú èyí ránṣẹ́ láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ejò náà fẹ́ orí rẹ̀ pẹrẹsẹ títí ó fi ní igun mẹ́ta, ó sì ń gbọn ìrù nínú ewé. Ọ̀pọ̀ ní orí onígun mẹ́ta ti tó ẹ̀rí. Kò tó rárá, nítorí ejò ajẹku máa ń fẹ́ orí bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀rù bá bà á, a sì máa gbọn ìrù pẹ̀lú. Ohun tí a wò ni ẹ̀yìn rẹ̀: ara eérú, àbàwọ́n tí ó fẹ̀ láàárín, ìrù tí kò ní yẹ́lò. Ó nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíríkì kan, gígùn rẹ̀ sì tó bíríkì kan àti ààbọ̀, ìyẹn bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà. Ọmọ kọ́pàhẹ́ẹ̀dì tuntun kì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Ejò ajẹku ni. Ó fi í sílẹ̀, ó sì lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àwòrán rẹ̀ wúlò nítorí pé ó yà á láti òkè, gbogbo ara láti orí dé ìrù. Ó dúró ní ọ̀nà jíjìn, ó sì fi ìka fa àwòrán súnmọ́ ara rẹ̀ lójú fóònù. Mítà méjì ni kí a fi jìnnà, ó kéré tán. Kọ́pàhẹ́ẹ̀dì tó dàgbà sábà máa ń gùn tó ọgọ́ta sí àádọ́rùn-ún sẹ̀ǹtímítà, kì í sì lè ta kọjá bí ìdajì gígùn rẹ̀. Wọ́n ní kí a wo ẹyinjú, pé ti olóró lanu gbọọrọ bí ti ológbò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá súnmọ́ ọn débi tí yóò rí ẹyinjú ti súnmọ́ ọn jù. Bí àwòrán bá ṣú, tàbí bí apá kan ara nìkan ni ó hàn, kí a kà á sí olóró, kí a kó àwọn ọmọdé wọlé. Ẹ má fi ṣọ́bìrì lé e: ọ̀pọ̀ tí ejò bù jẹ ni ó ń gbìyànjú àtipa á. Orí ejò tí a ti gé pàápàá ṣì lè bù ni jẹ.

Bí ó bá bu ènìyàn jẹ, kí a yọ òrùka àti ẹ̀gbà kí ọwọ́ tó wú, kí a jẹ́ kí ẹni náà jókòó jẹ́ẹ́, kí a sì pe 1-800-222-1222, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀ràn oró. Bí mímí bá nira tàbí bí ó bá dákú, 911 ni. A kò gbọ́dọ̀ fi okùn dì í, a kò gbọ́dọ̀ fi abẹ sín in, a kò gbọ́dọ̀ fa oró náà lẹ́nu, a kò sì gbọ́dọ̀ gbé yìnyín lé e. Oró kọ́pàhẹ́ẹ̀dì kì í sábà pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ìrora àti wíwú rẹ̀ pọ̀, ilé ìwòsàn sì ni ó yẹ kí a gbé ẹni náà lọ, pàápàá ọmọdé. Ẹ má padà lọ wá ejò náà nítorí àwòrán. Oògùn kan náà ni àwọn dókítà ń lò fún kọ́pàhẹ́ẹ̀dì àti oníṣaworo, ara ẹni tó fara gbọgbẹ́ ni wọn yóò sì wò kí wọ́n tó fún un.