Ọmọ Ìfọ́n Dá Wọ Bàálù Lọ sí Àbújá

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Kúbwà, l'Ábújá, ní kí ọmọ mi wá lo ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ lọ́dọ̀ òun, gbólóhùn kan ni ìyàwó mi sọ: ọmọ òun kò ní gba títì. N kò bá a jiyàn. Ìfọ́n la ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, a sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, Elegbeka, láàárín àwa àti Ọ̀wọ̀, ni wọ́n ti yìnbọn pa Ọba Israel Adeusi, Olúfọ́n, nígbà tí ọba náà ń ti ìpàdé àwọn ọba bọ̀ ní Àkúrẹ́. Ọmọ tó bá máa gba títì dé Àbújá yóò tún la Àkókó, Kàbà àti Lọ́kọ́jà kọjá. Bàálù ló kù. Ṣùgbọ́n owó àlọ àti àbọ̀ èèyàn méjì wúwo fún wa, nítorí náà ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà yóò dá lọ.

Orí fóònù ni mo ti kọ́kọ́ wá tíkẹ́ẹ̀tì. Bí mo ṣe yan ọmọdé kan láìsí àgbàlagbà, ìkànnì náà kọ̀ jálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí. Tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ tó ń dá rìn kò ṣeé rà bí ọjà lásán: èèyàn gbọ́dọ̀ pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà tàbí kó lọ bá wọn ní ọ́fíìsì, ó kéré tán ní ọjọ́ méjì ṣáájú, nítorí ó níye irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n lè gbà nínú ọkọ̀ kan. Kì í ṣe gbogbo wọn ló tilẹ̀ ń ṣe é. British Airways, fún àpẹẹrẹ, kò gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá láìsí ẹni tó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo wá lọ sí ọ́fíìsì wọn ní pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́. Ojú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ ló wà, nítorí náà èèyàn kò ní wọ ìgboro kó tó dé ibẹ̀. Obìnrin tó jókòó sí ọ́fíìsì kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ mi. Ó ṣàlàyé pé ọjọ́ orí tí ọmọ máa jẹ́ lọ́jọ́ ìrìnàjò ni àwọn ń kà, kì í ṣe ti ọjọ́ tí a ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò lè dá lọ rárá. Láti márùn-ún dé mọ́kànlá ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti sọ ọ́ di dandan pé ọmọ tó bá dá rìn gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìtọ́jú wọn, owó rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀ lórí owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ó tún ní ọkọ̀ tó bá lọ tààrà sí Àbújá nìkan ni òun máa fi ọmọ sí. Èyí tó máa dúró ní Èkó kí ọmọ tó pààrọ̀ ọkọ̀, òun kò ní kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé, "Dádì, ta ló máa gbà á l'Ábújá?"

Mo ní, "Ìyá Ìbejì ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìbejì kọ́ ló wà lórí káàdì wọn o, sà. Orúkọ tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀ wọn gan-an ni kí ẹ fún mi."

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kí wọ́n ya káàdì náà ránṣẹ́. Ó dára tí a ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ ọkọ wọn ni gbogbo wa fi ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá wa ló ṣì wà lórí káàdì NIN wọn. Ká ní orúkọ ọkọ la kọ sínú fọ́ọ̀mù, òṣìṣẹ́ Àbújá kò ní fún wọn lọ́mọ, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tó máa yí i padà, nítorí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú fọ́ọ̀mù nìkan ló lè gba ọmọ. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti sọ pé ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ dá àwọn dúró, kí àwọn rán dírẹ́bà wá. Obìnrin náà ní kí wọ́n fi orúkọ dírẹ́bà àti nọ́mbà fóònù rẹ̀ kún un lójú ẹsẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra tán, kò sẹ́ni tó lè fi orúkọ tuntun sí i. Kí n tó kúrò níbẹ̀, ó fi UMNR hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ lórí ẹ̀rọ. Àmì yẹn ni gbogbo òṣìṣẹ́ fi ń mọ ọmọ tó ń dá rìn. Tí kò bá sí níbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì lásán lèèyàn rà.

Ọ̀wọ̀ la sùn mọ́jú ọjọ́ ìrìnàjò, kí a má baà máa sáré láti Ìfọ́n. Ní òwúrọ̀ a gba Ẹ̀múrẹ̀-Ilé, Ùṣò àti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, a sì dé pápákọ̀ ní wákàtí méjì ó lé ṣáájú àkókò. Nínú ọkọ̀, mo ń bi ọmọ léèrè: "Ta ni Màmá Kúbwà?" Ó dá mi lóhùn ní orúkọ kíkún. Mo ti fi orúkọ dírẹ́bà náà kọ́ ọ pẹ̀lú, mo sì fi àwòrán rẹ̀ hàn án.

Ní kántà, wọ́n mú fọ́ọ̀mù jáde ní ẹ̀dà bíi mélòó kan. Mo buwọ́ lù ú, òṣìṣẹ́ orí ilẹ̀ buwọ́ lù ú, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ yóò buwọ́ lù ú tí wọ́n bá gbà á, òṣìṣẹ́ Àbújá yóò tún ṣe bẹ́ẹ̀, ìbuwọ́lù ẹni tó gbà á ló máa kẹ́yìn. Ohun tí owó yẹn ń rà gan-an nìyẹn: kò sí ìgbà kankan tí a kò ní mọ ọwọ́ ẹni tí ọmọ wà. Kò ra ẹni tó máa jókòó tì í, kò sì ra ẹni tó máa fún un lóògùn. Ìyàwó mi fẹ́ fi oògùn ikọ́ lé òṣìṣẹ́ náà lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn kò lè gbà á. Wọ́n kó fọ́ọ̀mù àti ìwé ọmọ sínú àpò pẹlẹbẹ kan tó ṣeé rí inú rẹ̀, wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn, òṣìṣẹ́ kan sì mú un lọ́wọ́ wọlé ṣáájú gbogbo èrò.

Mo ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò nígbà tí wọ́n ní a kò tíì lè lọ. Ẹni tó mú ọmọ wá gbọ́dọ̀ dúró títí bàálù yóò fi kúrò nílẹ̀, nítorí ọkọ̀ lè yí padà, wọ́n sì lè sọ pé kò lọ mọ́. Lọ́jọ́ náà, òjò ṣú dùdù, ọkọ̀ kò gbéra lásìkò. Ojú mi wà lára oòrùn, torí Àkúrẹ́ wà lára àwọn pápákọ̀ tí kì í gba ọkọ̀ tílẹ̀ bá ti ṣú. Bí ọkọ̀ kò bá lọ, àwa ni wọ́n máa dá ọmọ padà fún. Kí a ti dé Ìfọ́n kí wọ́n tó pè wá, ìyẹn yóò le. Nígbà tó yá, òjò dá, bàálù gbéra. A kò kúrò níbẹ̀ títí a kò fi rí i mọ́.

Wọ́n ní ọmọ ló sọ̀ kẹ́yìn l'Ábújá. Òṣìṣẹ́ fi káàdì ẹ̀gbọ́n mi wé fọ́ọ̀mù, ó wá yíjú sí ọmọ, ó ní, "Ta nìyí?" Ọmọ náà dárúkọ wọn láìkù síbì kan. Ẹ̀gbọ́n mi buwọ́ lù ú, wọ́n sì pè mí.

Fọ́ọ̀mù àlọ kò bo àbọ̀. Nígbà tí ọmọ bá ń padà, ẹ̀gbọ́n mi ni yóò dúró títí ọkọ̀ yóò fi gbéra, èmi ni wọn yóò sì béèrè káàdì lọ́wọ́ mi ní Àkúrẹ́. Mo ti fi orúkọ ìyàwó mi kún un gẹ́gẹ́ bí ẹnì kejì, bó ṣe wà lórí káàdì tirẹ̀.